Báwo Ló Ṣe Yẹ Kí A Gba Oṣù Tó Kọjá Gbọ́ Tó? Ìṣirò Iye Ọjà Tí Oníbàárà Yóò Béèrè

Ìtẹ́jú onídìnkù jẹ́ ọ̀nà ìṣirò tí a fi ń sọ iye ọjà tí àwọn oníbàárà yóò béèrè lóṣù tó ń bọ̀. Nǹkan méjì péré ló ń lò: àsọtẹ́lẹ̀ tí a ṣe fún oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, àti iye tí àwọn oníbàárà béèrè ní tòótọ́ nínú oṣù náà. Yóò mú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, yóò gé lára rẹ̀, yóò sì fi èyí tó gé tún àsọtẹ́lẹ̀ àtijọ́ ṣe. Bí èyí ti ń lọ lóṣooṣù ni òkè àti kòtò inú ìwé ìtajà ń tẹ́jú, tí ohun tó kù sílẹ̀ á sì máa fi ibi tí ọjà náà dúró sí gan-an hàn.

Ìlànà náà kò gùn ju báyìí lọ:

```
F tuntun = F + α × (A − F)
```

F ni àsọtẹ́lẹ̀ oṣù tó parí, A ni iye tí wọ́n béèrè ní tòótọ́, F tuntun sì ni àsọtẹ́lẹ̀ oṣù tó kàn. Lẹ́tà Gíríìkì tí wọ́n ń pè ní áfà, ìyẹn α, ni òǹkà ìtẹ́jú. Ó máa ń wà láàárín 0 àti 1. Òun ló ń sọ iye tí a ó gé lára àlàfo náà.

Ká ní a ti sọ tẹ́lẹ̀ pé páálí 120 ni yóò tà, ṣùgbọ́n 132 ni wọ́n rà. Àlàfo ibẹ̀ jẹ́ 12. Bí áfà bá jẹ́ 0.1, ìdá kan nínú mẹ́wàá àlàfo yìí ni a ó mú, àsọtẹ́lẹ̀ oṣù tó kàn á wá di 121.2. Bí áfà bá jẹ́ 0.5, ìdajì ni a ó mú, àsọtẹ́lẹ̀ á sì di 126. Bí a bá sọ áfà di 1, a kàn gba oṣù tó kọjá gbọ́ pátápátá nìyẹn, ohun tó tà lóṣù yìí náà la ó máa retí lóṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ 0, kò sí ohun tí oníbàárà lè ṣe tí yóò yí àsọtẹ́lẹ̀ wa padà.

Ìdí tí a fi pè é ní onídìnkù ni pé àwọn oṣù àtijọ́ kò kúrò nínú ìṣirò náà, agbára wọn ló ń dín kù. Àsọtẹ́lẹ̀ àtijọ́ tí a ń tún ṣe lóṣooṣù ti ní àwọn oṣù tó ṣáájú rẹ̀ nínú. Pẹ̀lú áfà 0.5, oṣù tó kọjá ní ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní 25, èyí tó tún ṣáájú ní 12.5, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ́ ìdajì ìdajì lọ sẹ́yìn. Pẹ̀lú áfà 0.1, oṣù tó kọjá ní ìdá 10 péré, èyí tó tẹ̀ lé e ní 9, ìkẹta ní 8.1. Nítorí náà, áfà kékeré ń rántí ohun tó pẹ́, áfà ńlá sì ń tètè gbàgbé. Ẹni tó mọ ìpíndọ́gba oníṣíṣípò, níbi tí a ti ń kó àwọn oṣù díẹ̀ tó kẹ́yìn jọ tí a sì ń pín wọn dọ́gba, lè fi wé e báyìí: ohun tí áfà 0.5 ń rántí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìpíndọ́gba oṣù 3 mu, ti 0.1 sì bá ìpíndọ́gba oṣù 19 mu.

Ará Amẹ́ríkà kan, Robert G. Brown, ló kọ́kọ́ lo irú ìṣirò yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1944, iṣẹ́ tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà gbé fún un ni láti tọpa ibi tí ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá ń gbà, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa ju bọ́ǹbù sí. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí i, ó gbé ọgbọ́n kan náà lọ sí iye àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí ilé ìpamọ́ ológun yóò nílò. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1959. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀ nígbà yẹn kì í ṣe pé ó péye ju gbogbo ọ̀nà yòókù lọ. Ilé ìpamọ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà kò nílò láti fi ìtàn gbogbo oṣù pa mọ́ sínú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọjà kọ̀ọ̀kan ti tó. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò lágbára, nọ́ńbà kan yàtọ̀ pátápátá sí nọ́ńbà mọ́kàndínlógún.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro níbẹ̀ ni áfà fúnra rẹ̀. Ìlànà náà kò sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Ẹni tó ń ṣírò ló máa yàn án, ìwọ̀n àṣìṣe sì ni a fi ń yàn án. Àpẹẹrẹ kan á jẹ́ kó yéni.

Ká gbà pé ìsọ̀ ńlá kan wà ní Ìbàdàn tó ń ta ọṣẹ ìfọṣọ ní páálí páálí fún àwọn alátùntà. Àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e yìí kì í ṣe ti ìsọ̀ kan pàtó, a ṣe wọ́n kí ìṣirò lè hàn ni. Láti oṣù kìíní sí oṣù kejìlá, páálí tí wọ́n béèrè ni: 120, 132, 114, 126, 108, 130, 122, 150, 158, 146, 160, 152.

Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé ìtàn méjì ló wà nínú ọdún kan yìí. Láti oṣù kìíní sí ìkeje, ọjà náà ń lọ ó ń bọ̀ ní àyíká 122. Ní oṣù kẹjọ, ó fò sókè, kò sì padà sílẹ̀ mọ́. Ìpíndọ́gba oṣù márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ 153. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣí ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí àdúgbò náà, tàbí pé ìsọ̀ kan tó ń bá wọn du oníbàárà ti kógbá sílé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ní ìparí oṣù kẹjọ, kò sí ẹni tó lè fi ìwé ìtajà nìkan mọ̀ bóyá fífò yẹn yóò dúró tàbí yóò lọ.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kejì. Nítorí pé kò sí àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, a ó lo iye tó tà ní oṣù kìíní, ìyẹn 120. Lẹ́yìn ìyẹn, ìlànà òkè yìí ni yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Pẹ̀lú áfà 0.3, bí àpẹẹrẹ: oṣù kejì mú 132, àṣìṣe jẹ́ 12, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 3.6, àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kẹta á jẹ́ 123.6. Oṣù kẹta mú 114, àṣìṣe jẹ́ 9.6 ní ìsàlẹ̀, a ó yọ 2.88, àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kẹrin á jẹ́ 120.7. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé òpin ọdún.

Ẹni tó bá ní Excel lè ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ká sọ pé iye tó tà wà ní òpó B láti ìlà 2 dé ìlà 13, àsọtẹ́lẹ̀ wà ní òpó C, áfà sì wà ní E1. Ìlà C3 á mú iye inú B2, C4 á sì gba ìlànà àkọ́kọ́ yìí, tí a ó fà sísàlẹ̀ dé C13. Ìlà méjì tó kù ni ìwọ̀n àṣìṣe tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí báyìí.

```
=C3+$E$1*(B3-C3)
=SUMPRODUCT(ABS(B3:B13-C3:C13))/11
=SUMXMY2(B3:B13,C3:C13)/11
```

Àṣìṣe oṣù kan ni iye tí wọ́n béèrè, tí a bá yọ àsọtẹ́lẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí a bá kàn ro àṣìṣe gbogbo oṣù pọ̀, èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ á pa ara wọn rẹ́, ìṣirò tó burú á sì dà bíi pé ó dára. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà wọn àṣìṣe. Èkíní gbójú fo àmì òkè tàbí ìsàlẹ̀, ó ń ro àwọn àṣìṣe pọ̀, ó sì ń pín wọn dọ́gba láàárín oṣù. Èyí ni ìpíndọ́gba àṣìṣe, páálí la sì fi ń kà á, tó fi jẹ́ pé onísọ̀ yóò lóye rẹ̀ kíá: «lóṣù kan, a máa ń fi bíi páálí 11 ṣì í». Ìkejì máa ń fi àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó pín wọn dọ́gba. Èyí ni ìpíndọ́gba síkúẹ̀. Àṣìṣe 5 á di 25, àṣìṣe 30 á di 900, nítorí náà àṣìṣe ńlá kan ṣoṣo lè bo ọ̀pọ̀ kékeré mọ́lẹ̀.

Àwọn kan ń lo ìwọ̀n kẹta, tó ń sọ àṣìṣe di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún iye tó tà. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi ọṣẹ wé ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n nínú oṣù tí ọjà kò tà rárá, ó di ìpín pẹ̀lú odo, ìṣirò á sì dàrú. Fún ọjà kan ṣoṣo, kò pọn dandan.

Nígbà tí a dán áfà mẹ́rin wò lórí ìwé ìtajà ọṣẹ náà láti oṣù kejì dé ìkejìlá, èsì wọn rí báyìí:

| Áfà | Ìpíndọ́gba àṣìṣe (páálí) | Ìpíndọ́gba síkúẹ̀ |
|---|---|---|
| 0.1 | 16.6 | 384 |
| 0.3 | 12.9 | 240 |
| 0.5 | 11.4 | 198 |
| 0.8 | 13.0 | 207 |

Ìwọ̀n méjèèjì fẹnu kò pé 0.5 ló dára jù nínú mẹ́rin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo 0.3 àti 0.8. Ìpíndọ́gba àṣìṣe fi 0.3 síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ wọn kò ju fífẹ́ atẹ́gùn lọ. Ìpíndọ́gba síkúẹ̀ sì fi 0.8 síwájú dáadáa. Wọn kò tako ara wọn lásán. Áfà 0.3 kéré nínú àṣìṣe ní ọ̀pọ̀ oṣù, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà fò sókè, ó fi páálí 28 ṣì í nínú oṣù kẹjọ, ó tún fi 28 ṣì í nínú oṣù kẹsàn-án. Áfà 0.8 ń ṣe àṣìṣe níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tètè bá ọjà náà, tó fi jẹ́ pé páálí 13 péré ló fi ṣì í nínú oṣù kẹsàn-án.

Èwo ni ká wá gbà? Ohun tí àṣìṣe ń ná onísọ̀ ló yẹ kó dáhùn. Bí páálí kan tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ tàbí tó dín ń ná an ní iye kan náà, bó ti wù kí àṣìṣe tóbi tó, ìpíndọ́gba àṣìṣe ló bá a mu. Ṣùgbọ́n bí fífi páálí 5 ṣì í kò bá ṣe nǹkan kan nítorí pé díẹ̀ máa ń wà ní sìtóò, tí fífi 30 ṣì í sì máa ń lé àwọn alátùntà lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, ìpíndọ́gba síkúẹ̀ ló ń sọ òtítọ́ ibẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn tàbí ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn yóò fara mọ́ ìkejì.

Ó yẹ ká fi kún un pé kò sí èrè nínú wíwá áfà dé ibi kékeré jù. Bí a bá dán 0.6 wò, ìpíndọ́gba síkúẹ̀ á jẹ́ 194 dípò 198, ìpíndọ́gba àṣìṣe á sì jẹ́ 11.9 dípò 11.4. Ọ̀kan dára díẹ̀ sí i, ìkejì burú díẹ̀ sí i. Láàárín 0.4 àti 0.6, ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan láti mọ̀ bóyá 0.53 ni tàbí 0.54 ti fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, oṣù mẹ́ta tí ọjà bá ti yàtọ̀ díẹ̀ á ti yí ìdáhùn náà padà.

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń dúró síbí: dán wọn wò, mú èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù, parí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí a bá pa oṣù kẹjọ dé ìkejìlá mọ́ tí a sì wo oṣù kejì dé ìkeje nìkan, èsì náà yí padà pátápátá. Ìpíndọ́gba àṣìṣe áfà 0.1 jẹ́ 8.2, ti 0.3 jẹ́ 8.9, ti 0.5 jẹ́ 10.0, ti 0.8 sì jẹ́ 12.6. Èyí tó gbẹ̀yìn lórí gbogbo ọdún ló wá gba ipò kìíní báyìí. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Nínú oṣù wọ̀nyẹn, òkè àti ìsàlẹ̀ ọjà náà kò ní ìtumọ̀ kan, bí ó bá lọ sókè lóṣù yìí, yóò padà sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Áfà ńlá ń sáré tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, ó sì ń débẹ̀ nígbà tí ọjà ti kúrò níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún tí ọjà mú 108, áfà 0.8 fi 111 sílẹ̀ fún oṣù kẹfà, oṣù kẹfà sì mú 130.

Nígbà náà, ohun tó mú kí 0.5 borí lórí gbogbo ọdún ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, fífò oṣù kẹjọ. Kódà, áfà kankan kò lè yẹ oṣù kẹjọ fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi páálí 27 sí 29 ṣì í, nítorí pé kò sí ohun kan nínú oṣù méje àkọ́kọ́ tó sọ pé ó ń bọ̀. Nínú gbogbo síkúẹ̀ tí a rò pọ̀ fún áfà 0.5, oṣù kan yẹn nìkan gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Oṣù kẹsàn-án ni ìyàtọ̀ ti jáde: 0.1 fi 34 ṣì í, 0.3 fi 28, 0.5 fi 22, 0.8 fi 13. Nọ́ńbà kan tó pa ìtàn méjì yìí pọ̀ kò lè sọ fún onísọ̀ èyí tó yẹ kó ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí ọjà náà dúró jẹ́ẹ́ ní 153 fún oṣù gbọọrọ.

Àbá tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń mú wá ni pé kí a pín ìwé ìtajà sí méjì: kí a fi apá àkọ́kọ́ yan áfà, kí a sì fi apá kejì dán an wò. Àbá tó dára ni, nítorí pé áfà tí a yàn tí a sì dán wò lórí oṣù kan náà máa ń dára lójú ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ààbò sí ohun gbogbo. Nínú àpẹẹrẹ wa, apá àkọ́kọ́ yóò yan 0.1 láìsí àríyànjiyàn. Nígbà tí apá kejì bá dé, láti oṣù kẹjọ dé ìkejìlá, 0.1 yẹn á fi páálí 26.6 ṣì í lóṣù kan ní ìpíndọ́gba, níbi tí 0.5 ti fi 13 ṣì í. Ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ náà ni ìyà jẹ.

Ohun tó ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àmì ìkìlọ̀. Lóṣù kọ̀ọ̀kan, a ó ro gbogbo àṣìṣe pọ̀ pẹ̀lú àmì òkè tàbí ìsàlẹ̀ wọn, a ó sì fi ìpíndọ́gba àṣìṣe títí di oṣù náà pín in. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá dára, òkè àti ìsàlẹ̀ yóò máa pa ara wọn rẹ́, ìdáhùn yóò sì máa wà nítòsí odo. Bí ó bá ń lọ sápá kan nìkan, ìdáhùn á máa pọ̀. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ fi ààlà sí 4 lókè àti 4 nísàlẹ̀. Pẹ̀lú áfà 0.1, ìwọ̀n yìí jẹ́ 1.1 ní oṣù keje, ó di 3.4 ní oṣù kẹjọ, ó sì di 5.1 ní oṣù kẹsàn-án. Ìkìlọ̀ dún lẹ́yìn oṣù méjì péré. Ìpíndọ́gba àṣìṣe nìkan kì bá tí tètè sọ ọ́, nítorí kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí ìkìlọ̀ bá dún, ó sàn kí onísọ̀ bi ara rẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ju kó sáré gbé áfà sókè títí láé. Bí ó bá rí i pé oníbàárà tuntun ni wọ́n, tí wọn kò sì ní lọ, kí ó tún ibẹ̀rẹ̀ ìṣirò ṣe. Ìpíndọ́gba oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án jẹ́ 154. Kí ó fi èyí ṣe àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kẹwàá, kí ó sì máa bá áfà 0.1 rẹ̀ lọ. Àṣìṣe oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn á wá jẹ́ 5.6 ní ìpíndọ́gba. Bí kò bá tún un ṣe, áfà 0.1 kan náà á fi 23.2 ṣì í nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Áfà 0.5 tí kò ní àtúnṣe kankan fi 5.3 ṣì í, ìyẹn ni pé ó sún mọ́ ọn gan-an, ṣùgbọ́n ní gbogbo oṣù tó bá tẹ̀ lé e tí ọjà bá dúró jẹ́ẹ́, òun ni yóò máa sáré sókè sódò láìnídìí. Fún ìsọ̀ ọṣẹ yìí, áfà 0.1 tàbí 0.2 pẹ̀lú àmì ìkìlọ̀ àti ẹni tó ń wò ó dára ju áfà 0.5 tí a fi sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú. Níbi tí ọjà bá ti pọ̀ dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò sì sí ẹni tí yóò máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdájọ́ náà lè yí padà sí áfà tó ga díẹ̀.

Áfà kékeré ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣàkíyèsí, ìyẹn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe mọ́kànlá pẹ̀lú 0.1, 120 tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣì ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún nínú àsọtẹ́lẹ̀ oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú àpẹẹrẹ wa, 120 sún mọ́ ìpíndọ́gba oṣù méje àkọ́kọ́ dáadáa, nítorí náà kò pa wá lára títí ọjà fi yí padà. Ká ní oṣù kìíní jẹ́ oṣù tí ọjà ṣe ségesège tó mú 60, gbogbo ìwọ̀n àṣìṣe 0.1 ìbá ti bàjẹ́, a ó sì rò pé áfà náà ni kò dára. Ìpíndọ́gba oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ibẹ̀rẹ̀ tó fọkàn ẹni balẹ̀ jù.

Ìtẹ́jú onídìnkù yìí gbà pé ọjà kò ní ibi tó ń lọ. Àsọtẹ́lẹ̀ tó fún oṣù tó ń bọ̀ náà ni yóò fún oṣù mẹ́fà síwájú. Bí ọjà bá ń pọ̀ sí i déédéé, yóò máa wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣáá, a sì lè mọ iye tó fi máa wà lẹ́yìn: ìlọsókè oṣù kan, tí a pín pẹ̀lú áfà. Bí páálí bá ń fi 5 pọ̀ lóṣooṣù, áfà 0.1 á máa fi 50 dín lẹ́yìn tó bá ti ń lọ fún ìgbà pípẹ́, áfà 0.5 á máa fi 10 dín. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n àṣìṣe fi máa ń ti áfà lọ sí 0.9 nígbà tí ọjà bá ń gòkè. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà náà ló yẹ kí a pààrọ̀, kì í ṣe áfà. Charles Holt ti fi ìlà kejì kún un ní 1957 kó lè máa ka ìlọsókè, Peter Winters sì fi ti àsìkò ọdún kún un nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1960.

Ti àsìkò ọdún yìí ní ìjàǹbá tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ọjà Kérésì máa ń dé ní oṣù kejìlá lọ́dọọdún, ọ̀nà Winters sì lè kọ́ èyí. Ọdún Iléyá àti Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kò dúró sójú kan, nítorí pé oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọ́n ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ìṣirò tó bá kọ́ pé oṣù kẹfà ni aṣọ àti epo máa ń tà á ṣì í lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí onísọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ sọ́tọ̀, kí ó má fi í bọ́ ìṣirò.

Àmọ́ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò. Iye tó tà kì í ṣe iye tí wọ́n béèrè. Bí ọṣẹ bá tán ní sìtóò ní ọjọ́ kẹjìlá oṣù, ìwé ìtajà á kọ páálí 50, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà 120 ló wá. Ìtẹ́jú á gbà á gbọ́, á sọ àsọtẹ́lẹ̀ oṣù tó kàn kalẹ̀, onísọ̀ á ra ọjà tó kéré, yóò tún tán kíá, ìwé á sì tún kọ iye kékeré. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n àṣìṣe á máa dára sí i bí òwò ṣe ń bàjẹ́, nítorí pé àsọtẹ́lẹ̀ kékeré ń bá ọjà kékeré mu. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ yan áfà, kí ó kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀ fún àwọn ọjọ́ tí sìtóò ṣófo, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn oníbàárà tí wọ́n padà lọ́wọ́ òfo.